Wọ́n Lé Wa Kí Ọjọ́ Àtúnṣe Tó Pé: Èló Ló Tọ́ Sí Wa?

"Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé iṣẹ́ ìmọ́tótó ni mo ní ní Surulere. Ọdún méjì ni àdéhùn tí a ní pẹ̀lú ilé iṣẹ́ kan ní Marina, mílíọ̀nù 2.2 náírà lóṣù, a sì ti ṣe oṣù mẹ́wàá níbẹ̀. Lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹta, wọ́n fún wa ní lẹ́tà pé iṣẹ́ wa kò tẹ́ àwọn lọ́rùn, pé ká tún un ṣe láàárín ọjọ́ méje. A tún un ṣe. Lọ́jọ́ 17, lẹ́tà mìíràn dé: wọ́n ti fòpin sí àdéhùn lójú ẹsẹ̀ nítorí àléébù wa, wọn ò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi wọlé mọ́. Owó oṣù méjì wà lọ́rùn wọn. Abala 12.1 nínú ìwé wa ní ẹnikẹ́ni nínú wa lè fòpin sí àdéhùn láìsọ ìdí, bó bá ti fún ẹnì kejì ní ọgọ́ta ọjọ́. Abala 12.2 ní bí ẹnì kan bá tàpá sí àdéhùn lọ́nà tó wúwo, kí ẹnì kejì kọ̀wé sí i, kó sọ ohun tó ṣe, kó sì fún un ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti tún un ṣe. Bí kò bá tún un ṣe ni wọ́n tó lè lé e lójú ẹsẹ̀. Ṣé mo lè gba owó oṣù mẹ́rìnlá tó kù?"

Màdámù, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tí kò ní dùn mọ́ yín: owó oṣù mẹ́rìnlá yẹn kò ní bọ́ sí i. Bí ẹ bá ro ó pọ̀, mílíọ̀nù 30.8 náírà ni, mo sì mọ̀ pé iye yẹn ti ń yí lọ́kàn yín láti ọjọ́ tí wọ́n ti tilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọ yín. Abala 12.1 tí ẹ fúnra yín fọwọ́ sí ló gé e kúrò, n ó sì fi hàn yín bó ṣe gé e. Àmọ́ ẹ má tìtorí ìyẹn káwọ́ gbera. Bí ohun tí ẹ kọ sí mi bá rí bẹ́ẹ̀ nínú ìwé, lẹ́tà ọjọ́ 17 yẹn kò tẹ̀lé àdéhùn, ẹni tó kọ ọ́ sì ní ohun tí yóò san.

Ọ̀nà méjì ni ìwé yín là sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní iye tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe 12.1 ní ọ̀nà ó-wù-mí. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kì í wí àwíjàre fún ẹnikẹ́ni. Ó lè jẹ́ pé ọ̀gá tuntun dé, ó lè jẹ́ pé àbúrò ọ̀gá náà ti dá ilé iṣẹ́ ìmọ́tótó sílẹ̀, ilé ẹjọ́ kò ní bi í. Àkókò ló fi ń ra òmìnira rẹ̀: ọgọ́ta ọjọ́ tí ẹ óò fi máa ṣiṣẹ́ lọ, tí òun yóò sì máa sanwó lọ. Ẹ jẹ́ ká pe 12.2 ní ọ̀nà o-jẹ̀bi. Kò sí ọgọ́ta ọjọ́ níbẹ̀, ẹni tó bá sì gbà á lè ní kí ẹ san àdánù tí ẹ̀ṣẹ̀ yín kó bá òun. Ṣùgbọ́n kó tó dé ibẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀ṣẹ̀ hàn, kí ẹ̀ṣẹ̀ náà wúwo, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fún yín ní ọjọ́ mẹ́rìnlá, kó sì dúró wò bóyá ẹ ó tún un ṣe. Ohun tí mo máa ń rí nínú irú lẹ́tà yìí ní Èkó kò yàtọ̀ sí ti yín: wọ́n fẹ́ yára bíi ti 12.2, wọ́n sì fẹ́ kó rọrùn bíi ti 12.1. Ìwé àdéhùn kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti da méjèèjì pọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká ka ọjọ́. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ni lẹ́tà àkọ́kọ́ dé ọwọ́ yín. Ọjọ́ tí ìwé dé kì í sí nínú kíkà, àfi bí àdéhùn bá sọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọjọ́ 11 ni ọjọ́ kìíní, ọjọ́ 24 sì ni ìkẹrìnlá. Títí di alẹ́ ọjọ́ 24, ẹ̀tọ́ yín ni láti máa tún iṣẹ́ ṣe. Ọjọ́ méje tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà kò lè pa ọjọ́ mẹ́rìnlá inú àdéhùn rẹ́, torí lẹ́tà ẹnì kan kì í yí ohun tí ẹni méjì fọwọ́ sí padà. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹ máa lọ lọ́jọ́ 17, ọjọ́ méje gbáko ló kù tí ẹ̀tọ́ àtilé yín kò tíì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ẹ yẹ nǹkan méjì wò kí ẹ tó gbára lé ìṣirò yìí. Èkíní ni bóyá ọjọ́ lásán ni ìwé yín sọ tàbí ọjọ́ iṣẹ́. Bó bá jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, Sátidé, Sọ́ńdè àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba yóò bọ́ síta, ọjọ́ yín yóò sì tún gùn sí i. Èkejì ni abala tó sọ bí wọ́n ṣe ń fi ìwé jíṣẹ́, ẹ̀yìn ìwé ló sábà máa ń wà, tí kò sẹ́ni tó ń kà á. Àwọn ìwé kan sọ pé ọ́fíìsì tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ ni kí wọ́n gbé lẹ́tà lọ, pé ímeèlì nìkan kò tó. Bó bá jẹ́ pé mẹ́gáàdì ẹnu ọ̀nà wọn ló na lẹ́tà náà sí súpáfáísọ̀ yín, tàbí pé orí Wáàsáàpù ni wọ́n jù ú sí, ó ṣeé ṣe kí ọjọ́ mẹ́rìnlá má tíì bẹ̀rẹ̀ rárá.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe gbé gbogbo ẹjọ́ yín ka orí àṣìṣe wẹ́wẹ́. Lọ́dún 1997, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, Ilé Àwọn Olóyè, gbọ́ ẹjọ́ Mannai àti Eagle Star. Ẹni tó háyà ilé ní ẹ̀tọ́ láti jáde lọ́jọ́ 13 oṣù Kìíní, ó sì kọ ọjọ́ 12 sínú lẹ́tà. Mẹ́ta nínú adájọ́ márùn-ún ní lẹ́tà náà dúró, torí ẹni tó bá gbà á tó sì ní làákàyè yóò mọ ohun tó ní lọ́kàn. Ọ̀kan nínú wọn, Lọ́ọ̀dù Hoffmann, wá fi kún un pé bó bá jẹ́ pé àdéhùn sọ pé orí pépà aláwọ̀ búlúù ni kí wọ́n kọ ọ́ sí, èyí tí wọ́n bá kọ sórí pépà aláwọ̀ píńkì kò wúlò, bó ti wù kó yéni tó. Ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò de àwọn adájọ́ wa lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń tẹ́tí sí i. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni pé kíkọ ọjọ́ kan ní àṣìṣe yàtọ̀ sí jíjí ọjọ́ méje gbé. Ti yín kì í ṣe àṣìṣe kíkọ. Ẹ̀tọ́ tí àdéhùn fún yín ni wọ́n gé sí méjì.

Ohun tó wà nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ tún ṣe pàtàkì bíi ọjọ́ rẹ̀. Abala 12.2 ní kí wọ́n sọ ohun tí ẹ ṣe. "Iṣẹ́ yín kò tẹ́ wa lọ́rùn" kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe, torí kò tọ́ka sí ibì kankan. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àjà kẹrin kò ní ọṣẹ fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, tàbí pé agogo mẹ́sàn-án làwọn ọmọ yín ń dé dípò agogo mẹ́fà àárọ̀, ìyẹn jẹ́ ẹ̀sùn, èèyàn sì mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Ẹ gbé lẹ́tà náà jáde, kí ẹ tún un kà bí ẹni tí kò mọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ náà. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá lè sọ ohun tó yẹ kó lọ tún ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́tà náà kò tó lẹ́tà. Àmọ́ bó bá ní ìwé mìíràn tí wọ́n tọ́ka sí, bíi àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò oṣooṣù tí ẹ fọwọ́ sí, tí àwọn ẹ̀sùn náà sì wà níbẹ̀ ní kíkún, ọ̀rọ̀ lè yí padà.

Kí wá ni à ń pè ní àtúnṣe? Àwọn oníbàárà máa ń sọ pé ọjọ́ tí iṣẹ́ pẹ́ ti kọjá lọ, kò sẹ́ni tó lè dá a padà, nítorí náà kò sí àtúnṣe kankan. Ẹjọ́ kan wà tó wúlò fún ìdáhùn èyí, Schuler àti Wickman, tí Ilé Àwọn Olóyè kan náà dá lọ́dún 1973. Wickman ló ń ta ẹ̀rọ Schuler ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àdéhùn sì ní kó máa bẹ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ mẹ́fà wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Àbẹ̀wò náà lé ní ẹgbẹ̀rún kan bí èèyàn bá kà á. Wickman pa díẹ̀ jẹ nínú rẹ̀, Schuler sì lé e. Àdéhùn wọn ní abala tó jọ 12.2 yín, tó fún ẹni tó ṣẹ̀ ní ọgọ́ta ọjọ́ láti ṣàtúnṣe. Ilé ẹjọ́ ní Schuler kò lè tìtorí àbẹ̀wò díẹ̀ tí Wickman pa jẹ fo abala àtúnṣe yẹn kọjá. Lọ́ọ̀dù Reid sì ṣàlàyé pé àtúnṣe lè jẹ́ kí nǹkan tọ́ láti ìsinsìnyí lọ, bí àná kò tilẹ̀ ṣeé dá padà. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pípẹ́ lẹ́yìn ni ẹ̀sùn yín, àtúnṣe ni pé kí àwọn ọmọ máa dé ní agogo mẹ́fà láti ọjọ́ 11. Ẹ̀rí rẹ̀ sì wà níta: ìwé ẹnu ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń fọwọ́ sí, fọ́tò tó ní ọjọ́ àti àkókò lórí, rìsíìtì ọṣẹ àti omi ìfọlẹ̀ tí ẹ rà láàárín ọjọ́ 10 sí 17, àti ọ̀rọ̀ tí máníjà ilé wọn bá fi ránṣẹ́ pé òun ti rí ìyàtọ̀. Ìwé ẹnu ọ̀nà ló le jù níbẹ̀, torí ọwọ́ wọn ló wà. Ẹ kọ̀wé lónìí kí wọ́n tọ́jú rẹ̀. Bó bá wá sọnù lẹ́yìn tí ẹ ti béèrè fún un, àwọn ni yóò máa ṣàlàyé.

Mo ní láti bi yín ní ìbéèrè kan tí kò dùn, kí lọ́yà tiwọn tó bi yín. Ṣé iye òṣìṣẹ́ tí ẹ ń kọ sínú bíìlì náà ni ẹ ń kó lọ? Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé bíìlì ní mẹ́tàlá, àwọn tó wọlé kò ju mẹ́wàá lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kò sí lábẹ́ ọjọ́ mẹ́rìnlá mọ́, torí yàtọ̀ sí 12.1 àti 12.2, òfin fúnra rẹ̀ gbà kí èèyàn jáde kúrò nínú àdéhùn tí ẹnì kejì ti fọ́ láti ìpìlẹ̀, láìdúró de àtúnṣe, àyàfi bí ìwé bá sọ kedere pé ọ̀nà inú ìwé nìkan ló wà. Jìbìtì àti olè jíjà sábà máa ń bọ́ sí ẹ̀ka yìí. Ohun tó tún burú ni pé kò pọn dandan kí wọ́n ti mọ̀ nípa rẹ̀ lọ́jọ́ 17. Láti ìgbà ẹjọ́ Boston Deep Sea Fishing àti Ansell lọ́dún 1888, níbi tí ilé iṣẹ́ kan ti lé ọ̀gá àgbà rẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé ó ń gba owó ẹ̀yìn lábẹ́lẹ̀, òfin ti gbà pé ẹni tó lé ènìyàn lè fi ẹ̀ṣẹ̀ tó rí lẹ́yìn náà gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀, bí ẹ̀ṣẹ̀ náà bá ti wà nígbà tó lé e. Àléébù kéékèèké tí ó yẹ kí ẹ rí àyè tún ṣe kò rí bẹ́ẹ̀, wọn ò lè fi ti ẹ̀yìn fà á wọlé. Bí bíìlì yín bá mọ́, ẹ máa bá mi lọ. Bí kò bá mọ́, ẹ lọ bá lọ́yà yín sọ òtítọ́ kí ẹ tó fi lẹ́tà kankan ránṣẹ́.

Ó kan owó wàyí. Nígbà tí ẹnì kan bá lé ọ lọ́nà àìtọ́, owó gbà-má-bínú ni pé kí a gbé ọ dé ibi tí o ì bá wà ká ní ó pa àdéhùn mọ́. Àmọ́ bí àdéhùn bá fún un láǹfààní láti pa á mọ́ ní ọ̀nà méjì, ilé ẹjọ́ yóò gbà pé èyí tó rọ òun fúnra rẹ̀ lọ́rùn jù ni ì bá yàn. Nínú ẹjọ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé láìfún un ní ìwé, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà ti dúró lórí èyí fún ọ̀pọ̀ ọdún: owó oṣù àkókò ìfitónilétí ni òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń rí gbà, kì í ṣe ti gbogbo ọdún tó kù. Èrò kan náà ni wọn yóò gbé wá bá yín. Ọ̀nà tó rọ oníbàárà yín lọ́rùn jù lọ́jọ́ 17 ni 12.1. Ká ní ọjọ́ yẹn ni wọ́n fún yín ní ìwé ọgọ́ta ọjọ́, ọjọ́ 18 ni ọjọ́ kìíní, iṣẹ́ yóò sì parí lọ́jọ́ 16 oṣù Karùn-ún. Ibẹ̀ ni àdánù yín dúró sí.

Àdánù ọgọ́ta ọjọ́ yẹn kì í ṣe mílíọ̀nù 4.4 o. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bá lọ́yà wọn jà. Ká ní àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́tàlá ń gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà 100 ọ̀kọ̀ọ̀kan lóṣù, mílíọ̀nù 1.3 lápapọ̀, ọṣẹ àti oògùn ìfọlẹ̀ ń gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà 350, ọkọ̀ àti súpáfáísọ̀ ń gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà 150. Mílíọ̀nù 1.8 ni ẹ fi ń ṣe iṣẹ́ mílíọ̀nù 2.2, ẹgbẹ̀rún lọ́nà 400 ló ń kù sí yín lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ kò ra ọṣẹ mọ́, ẹ kò sì san owó ọkọ̀. Nítorí náà ẹgbẹ̀rún lọ́nà 800 ni èrè oṣù méjì tí ẹ pàdánù. Ẹ fi owó tí ẹ kò lè yẹra fún kún un. Òfin Òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, abala 11, ní òṣìṣẹ́ tó ti lo ju oṣù mẹ́ta lọ ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún méjì gbọ́dọ̀ gba ìwé ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá jẹ́ pé torí iṣẹ́ yìí ni ẹ ṣe gba àwọn ọmọ náà, tí ẹ kò sì rí ibòmíràn kó wọn lọ, owó ọ̀sẹ̀ kan wọn tó bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 300. Àpapọ̀ rẹ̀ wá di bí mílíọ̀nù 1.1, láìka mílíọ̀nù 4.4 ti oṣù méjì tí ẹ ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ parí. Iye yín lè yàtọ̀ sí àwòṣe yìí, àmọ́ ọ̀nà ìṣirò náà nìyẹn. Bí ẹ bá sì ti kó àwọn ọmọ náà lọ síbi iṣẹ́ tuntun ní Yaba lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọn yóò ní kí ẹ yọ èyí tí ẹ rí níbẹ̀, bí ẹ kò bá lè fi hàn pé ẹ ì bá ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀.

Ẹ lè ní bó bá jẹ́ mílíọ̀nù 1.1 péré ni, ẹ jẹ́ kí n gbàgbé. N kò rò pé kí ẹ gbàgbé, torí orúkọ "o jẹ̀bi" yẹn kò ní dúró sí Marina. Fọ́ọ̀mù tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fi ń yan agbaṣẹ́ṣe sábà máa ń béèrè bóyá wọ́n ti fòpin sí àdéhùn yín rí nítorí àléébù, irọ́ tí ẹ bá sì pa níbẹ̀ lè gba iṣẹ́ tuntun lọ́wọ́ yín. Bó bá sì ní owó ìdúró tí wọ́n ń yọ pamọ́, tàbí ìwé tí báǹkì fi dúró fún yín, ọ̀rọ̀ o-jẹ̀bi ni wọn yóò fi gbé e. Wọ́n tún lè ní agbaṣẹ́ṣe tuntun ń gba mílíọ̀nù 2.6, kí ẹ san ìyàtọ̀ náà fún oṣù mẹ́rìnlá. Ẹ rántí pé "ẹnikẹ́ni nínú wa" ni 12.1 sọ: ẹ̀yin náà lè bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọgọ́ta ọjọ́, nítorí náà idà tó gé tiyín gé tiwọn pẹ̀lú. Bí wọ́n bá tilẹ̀ jàre, bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 800 ni wọ́n lè máa sọ, kì í ṣe mílíọ̀nù 5.6.

Lẹ́tà kan ni ẹ ní láti kọ lọ́sẹ̀ yìí, ní ohùn tútù. Kó sọ pé ẹ kò gbà pé ẹ jẹ̀bi. Pé ọjọ́ mẹ́rìnlá 12.2 kò tíì pé lọ́jọ́ 17. Pé ẹ ti tún àwọn nǹkan báyìí-báyìí ṣe, ẹ̀rí rẹ̀ nìyí. Pé ẹ wà ní sẹpẹ́ láti máa ṣiṣẹ́ lọ. Àti pé bí wọ́n bá ṣì fẹ́ kí àdéhùn parí, 12.1 ni ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún wọn. Kó béèrè owó oṣù méjì pẹ̀lú nọ́ńbà bíìlì kọ̀ọ̀kan, kó sì sọ pé ẹ kò jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ yín kankan. Ọ̀rọ̀ "a wà ní sẹpẹ́" yẹn ṣe pàtàkì, torí àwọn kan a máa fi ìbínú kó ẹrù wọn lọ́jọ́ kan náà, ẹnì kejì a sì ní wọ́n sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kó ẹ̀rọ ìfọlẹ̀ yín jáde, ẹ kọ̀wé béèrè ọjọ́, kí ẹ sì kọ gbogbo ohun tí ẹ gbé sílẹ̀ lórí pépà tí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ bá mẹ́gáàdì fa wàhálà lẹ́nu géètì.

Ní ti bí ẹ ó ṣe gbà á, ẹ ya owó méjèèjì sọ́tọ̀. Mílíọ̀nù 4.4 jẹ́ gbèsè tó ní iye kan pàtó, kò sì ju mílíọ̀nù 5 lọ, èyí tí Kóòtù Ẹ̀sùn Kékeré ti ìpínlẹ̀ Èkó lè gbọ́. Kóòtù yìí bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2018 lábẹ́ àwọn adájọ́ májísíréètì. Lẹ́tà ìbéèrè gbèsè ni ẹ ó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí wọn, lórí fọ́ọ̀mù tí kóòtù náà ṣe fún un. Mílíọ̀nù 1.1 kò sí nínú irú rẹ̀, torí àdánù tí èèyàn ní láti fi ẹ̀rí wọ̀n ni, kì í ṣe gbèsè tó dá dúró. Kí ẹ tó sáré lọ, ẹ wo bóyá ìwé yín sọ pé adájọ́ àyàn, ìyẹn ẹni tí ẹ̀yin méjèèjì yàn dípò kóòtù, ni kó gbọ́ aáwọ̀. Òfin Adájọ́ Àyàn àti Ìlàjà ti 2023 fún oníbàárà yín láǹfààní láti ní kí kóòtù dá ẹjọ́ dúró nítorí rẹ̀, owó adájọ́ àyàn sì lè ju ohun tí ẹ ń wá lọ. Nínú irú iye yìí, ìlàjà ni mo máa ń yàn. Lagos Multi-Door Courthouse, tó ti wà láti ọdún 2002, ń ṣe é, àdéhùn tí ẹ bá sì ṣe níbẹ̀ lè gba agbára ìdájọ́. N kò rí odindi ìwé yín, abala kan ṣoṣo tí n kò kà lè yí díẹ̀ nínú gbogbo èyí padà. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kà á láti ojú ewé kìíní kí lẹ́tà yín tó jáde.

Bí wọ́n bá pè yín sí ìjókòó, mo mọ ohun tí n óò béèrè bí mo bá jókòó sí ipò yín: mílíọ̀nù 4.4 ní pípé, bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 800 lórí ti ìfitónilétí, àti lẹ́tà kan tó fagi lé ti ọjọ́ 17, tó sì sọ pé abala 12.1 ni àdéhùn fi parí, láìdá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Bí wọ́n bá ń dúnàá-dúrà, orí owó ìfitónilétí ni n óò ti gbà kí nǹkan wálẹ̀, kì í ṣe orí lẹ́tà. Ní àdéhùn tó ń bọ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí wọ́n bá gba ọ̀nà o-jẹ̀bi tí ẹ̀bi kò sì dúró, kí a kà á sí ọ̀nà ó-wù-mí pẹ̀lú gbogbo owó tó bá a rìn. Irú abala bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé àdéhùn ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ó sì ń gbà èèyàn lọ́wọ́ àríyànjiyàn tí ẹ wà nínú rẹ̀ yìí. Ohun kan tún kù. Àkáǹtì wọn lè pè yín pé ṣẹ́ẹ̀kì mílíọ̀nù 4.4 ti wà ní sẹpẹ́, kí ẹ kàn wá fọwọ́ sí ìwé kan kí ẹ tó gbà á. Ẹ ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀. Bó bá sọ pé owó yìí ni ó parí gbogbo ohun tó wà láàárín yín, ẹ má fọwọ́ sí i lórí gbèsè tí wọ́n ti jẹ yín tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yín pé owó iṣẹ́ oṣù méjì nìkan lẹ gbà, bí wọn kò bá sì gbà bẹ́ẹ̀, ẹ fi ṣẹ́ẹ̀kì náà sílẹ̀ títí lọ́yà yín yóò fi rí i.